Tà Á Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo, Tàbí Tà Á Ní Wẹ́wẹ́? Ohun Tí Bitikọ́ìnì Ọdún 2021 Fi Hàn Wá

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020, bitikọ́ìnì kan kọjá 20,000 dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ta gbogbo tirẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ṣe ohun tó yani lẹ́nu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, bitikọ́ìnì ti sún mọ́ iye yìí gan-an, inú àwọn tó ní in ń dùn, wọ́n ní kò tún ní wálẹ̀ mọ́ láé. Kí ọdún kan tó yí po, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3,200 dọ́là. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ẹni tó tà ní 20,000 ní tirẹ̀ gbà pé òun ti gbọ́n ju ti ọdún 2017 lọ.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2021, tí oṣù mẹ́ta kò tíì pé, bitikọ́ìnì ti kọjá 60,000. Ẹni tó tà tán ní Kejìlá dúró, ó ń wò ó. Ẹlòmíràn wà tí kò ta nǹkan kan, tó ní 70,000 ni òun ń dúró dè. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún náà, ọjà gòkè dé nǹkan bí 69,000, ó ku nǹkan bí 1,000 dọ́là kí ó dé ibi tí ẹni yìí fojú sí, ó sì yí padà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, odindi bitikọ́ìnì kan kò ju nǹkan bí 16,000 lọ.

Àwọn méjèèjì yìí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀: wọ́n mú iye kan ṣoṣo, wọ́n ní bí ọjà bá dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni àwọn yóò tà. Ọ̀kan mú iye tó kéré, èkejì mú iye tó ga. Ọ̀nà kejì tí àwọn oníṣòwò kírípítò máa ń lò ni kí wọ́n gé ọjà ọwọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n fún wẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, kí wọ́n sì máa tà á bí owó rẹ̀ ṣe ń gun òkè. Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà yìí máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé kò ní àléébù rárá. Ó ní. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí a lè rí i.

Ká ní ẹnì kan ra ìdá kan nínú mẹ́wàá bitikọ́ìnì, èyí tí a máa ń kọ báyìí: 0.1, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, nígbà tí odindi kan ń lọ ní nǹkan bí 10,000 dọ́là. 1,000 dọ́là ni ojú owó rẹ̀. Kí ọjà tó gbéra rárá, ó jókòó, ó gé 0.1 yìí sí ọ̀nà márùn-ún, 0.02 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun yóò ta wẹ́ àkọ́kọ́ bí odindi bá di 20,000, èkejì ní 30,000, ẹ̀kẹta ní 40,000, ẹ̀kẹrin ní 60,000, èkarùn-ún ní 100,000.

Wẹ́ àkọ́kọ́ lọ ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, ó gba 400 dọ́là. Ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun, bitikọ́ìnì kọjá 30,000, wẹ́ kejì mú 600 wọlé. Ẹ wo ibi tí a dé yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní tó tóbi jù nínú títà wẹ́wẹ́ wà. 400 àti 600 jẹ́ 1,000. Ojú owó rẹ̀ ti jáde pé pérépéré, 0.06 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ná an ní kọ́bọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà lọ, kò sí bí ọjà ṣe lè wó tí yóò fi jẹ gbèsè ìdókòwò yẹn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní, 40,000 dé, wẹ́ kẹta mú 800 wọlé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, 60,000 dé, wẹ́ kẹrin mú 1,200 wọlé. Àpapọ̀ owó tó ti gbà jẹ́ 3,000 dọ́là, wẹ́ kan ṣoṣo ló kù.

Ṣé ẹni yìí ló jèrè jù? Rárá o. Ẹni tó mú 60,000 ní iye kan ṣoṣo, tó sì ta gbogbo 0.1 lọ́jọ́ kan náà, 6,000 ló gbà. Kódà ẹni tó ta gbogbo tirẹ̀ ní 30,000 ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ti ní 3,000 lọ́wọ́ tirẹ̀ náà, ó sì ti ń sùn dáadáa láti oṣù méjì ó lé. Èyí kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí a bá kó àwọn iye márùn-ún yẹn jọ, tí a pín in sí márùn-ún, 50,000 ló máa jáde. Ìyẹn ni pé bí gbogbo wẹ́ márààrún bá tà, bákan náà ni yóò rí fún ẹni yìí àti fún ẹni tó ta gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní 50,000. Títà wẹ́wẹ́ kò bí owó kankan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba èrè tó dára jù lọ kúrò lọ́wọ́ ẹni, ó sì fi ń ra ààbò kúrò lọ́wọ́ èyí tó burú jù lọ. Bí ọjà bá gun òkè tààrà láìwẹ̀yìn, ẹni tó tà wẹ́wẹ́ ló máa kábàámọ̀. Bí ó bá yí padà lójú ọ̀nà, òun ló máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà, ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni pé, ṣé mo mọ ibi tí òkè rẹ̀ wà? Nípa bitikọ́ìnì, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2021, ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n ọjà ló ń sọ ní gbangba pé 100,000 ni yóò fi parí ọdún. Ó dé 100,000 lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ọdún 2024 ló tó dé ibẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn ìfojúsùn kan ṣoṣo yóò sọ pé, ṣé ẹ rí i, ẹni tó bá dúró gba 10,000 dọ́là lórí 1,000. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni náà ní láti kọ́kọ́ wo 0.1 rẹ̀ tó di nǹkan bí 6,900 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, kí ó tún wò ó tó di 1,600 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí ilé pàṣípààrọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní FTX ń dojú dé, kí ó má sì fọwọ́ kàn án. Àwọn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀, bitikọ́ìnì nìyẹn o. Nínú àwọn kírípítò yòókù, ìdúródè kì í fi bẹ́ẹ̀ lérè. LUNA gòkè dé nǹkan bí 119 dọ́là ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Nígbà tó di àárín oṣù Karùn-ún, kò tó sẹ́ńtì kan mọ́. Ẹni tó ní 150 ni òun ń dúró dè kò rí nǹkan kan gbà, kò sì ní rí i gbà. Ẹni tó ti ń ta tirẹ̀ ní wẹ́wẹ́ láti 30, láti 60, láti 90, ti kó owó sápò kí ilé tó wó. Nítorí náà, bí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni bá ṣe jẹ́ tuntun tó, tí ó sì ṣe ń fò tó, ni títà wẹ́wẹ́ ṣe ń wúlò sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí wẹ́ karùn-ún, nítorí òun ló máa ń kó wàhálà bá àwọn tó rò pé àwọn ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Iye tí ẹni wa kọ sílẹ̀ fún un ni 100,000. Bí kò bá ní òfin mìíràn fún un, wẹ́ yìí yóò bá ọjà lọ sókè, yóò bá a sọ̀ kalẹ̀, 0.02 yóò di 320 dọ́là nígbà tí odindi bá di 16,000. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe ni pé wọ́n máa ń fún wẹ́ ìkẹyìn ní ilẹ̀ tó ń bá a gòkè. Wọ́n á ní: bí ọjà bá fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ láti ibi tó ga jù tó dé, ẹ tà á. Ní àárín oṣù Kẹrin ọdún 2021, ó ga dé nǹkan bí 64,800. Ìdá 25 sísàlẹ̀ ìyẹn jẹ́ 48,600. Kí oṣù náà tó parí, ọjà ti já kọjá ibẹ̀. Wẹ́ karùn-ún lọ, ó mú 972 dọ́là wá, àpapọ̀ di 3,972. Ní oṣù Karùn-ún, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 19, bitikọ́ìnì já láti òkè 40,000 dé nǹkan bí 30,000. Ẹni wa ti wà níta.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdá 25, tí kì í ṣe ìdá 10? Nítorí pé ọjà yìí máa ń mí, mímí rẹ̀ sì gbòòrò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021 náà, tí gbogbo ayé mọ̀ pé òkè ló ń lọ, ó dé nǹkan bí 42,000, ó sì já sísàlẹ̀ 30,000 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó tún gbéra. Ìyẹn tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá so ilẹ̀ ìdá 25 mọ́ gbogbo ọjà ọwọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ì bá ti tà tán nígbà náà, 60,000 ì bá sì dé lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ yìí fi yẹ fún wẹ́ ìkẹyìn nìkan, lẹ́yìn tí èyí tó pọ̀ jù ti lọ, tí kò sí ìbẹ̀rù pé bó bá tilẹ̀ tà láìtọ́jọ́, ìpalára rẹ̀ yóò pọ̀. Kò sí ìdá kan tó dára fún gbogbo ìgbà. Èyí tó há jù máa ń ta ọjà ẹni nígbà tí kò yẹ, èyí tó gbòòrò jù máa ń fi èrè ṣòfò.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé kí èèyàn ta ìdajì ní kété tó bá ti di ìlọ́po méjì, kí ojú owó jáde kíákíá. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyẹn ni pé kí ó ta 0.05 ní 20,000, kó gba 1,000 rẹ̀, kó sì pín 0.05 tó kù sí mẹ́rin fún àwọn iye yòókù. Nígbà tí 60,000 bá fi dé, 2,625 ni àpapọ̀ ohun tó wọlé, dípò 3,000, wẹ́ tó kù sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Iye owó ìfọ̀kànbalẹ̀ nìyẹn. Èmi kò ní bá ẹni tó bá san án jà, pàápàá bó bá jẹ́ owó tí kò yẹ kó fi dókòwò ni ó kó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé òun san án.

Nínú gbogbo ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́, ọwọ́ ẹni fúnra rẹ̀ ló burú jù. Bí iye bá ti ń sún mọ́ ibi tí a kọ sílẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá, èèyàn á lọ pa àṣẹ títà rẹ́, á ní ó dà bíi pé yóò kọjá ibẹ̀. 60,000 á di 80,000, 80,000 á di 100,000. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ̀ pé ètò ti di àlá: bó bá jẹ́ pé kìkì ohun tó yí padà láti ìgbà tí o ti kọ iye sílẹ̀ ni pé owó rẹ̀ gòkè, o kò ní ìdí kankan láti gbé iye náà sókè. Àṣìṣe kejì ni títún rà. Ẹni tó ta wẹ́ kẹta ní 40,000, tó rí i ní 50,000, tó tún lọ fi 800 rẹ̀ rà á padà, ti ta ètò rẹ̀ nù. Ìdá tó pọ̀ nínú èrè ọdún 2021 ló gba ojú ọ̀nà yẹn lọ.

Nítorí èyí ni ó ṣe dára kí àṣẹ títà ti wà lórí ọjà kí iye tó dé, kí ó má jẹ́ pé ìgbà tó bá dé ni èèyàn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá fóònù. Lójú ẹ̀rọ, ohun tí a ń tẹ̀ ni Limit, kí a kọ iye àti ìwọ̀n, kí a sì fi í sílẹ̀. Àwọn nọ́ńbà gbajúmọ̀ bíi 50,000 àti 60,000 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ, èrò á sì pọ̀ lórí ìlà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ 59,700 á tà kí ìlà tó gùn. Ẹ rántí ẹni tó ń dúró de 70,000, tí ọjà fi nǹkan bí 1,000 dọ́là ṣaláì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ó tó rí iye náà. Fún ilẹ̀ wẹ́ ìkẹyìn, ẹ ṣọ́ra fún Stop-Limit. Bí ọjà bá já lójijì, ó lè fò kọjá iye tí ẹ kọ láìtà, kí ẹ sì máa wò ó lọ. Stop-Market máa ń tà ní iyekíye tó bá rí, ó lè kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa tà.

Owó títà náà kò ṣe é fojú fò. Ìdá ni àwọn ilé pàṣípààrọ̀ máa ń gbà lórí iye tí a tà, nítorí náà ìgbà márùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí bitikọ́ìnì ẹni bá wà nínú àpò tirẹ̀, tó ń fi í ránṣẹ́ ní wẹ́wẹ́ lọ sí ọjà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa sanwó ojú ọ̀nà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, owó ojú ọ̀nà yìí lé ní 50 dọ́là lórí ìfiránṣẹ́ kan ní ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù. Ẹni tí wẹ́ rẹ̀ kò ju 100 dọ́là lọ ti sọ ìdajì nù sójú ọ̀nà. Fún ọjà kékeré, ẹ jẹ́ kí wẹ́ rẹ̀ má ju méjì lọ, tàbí kí ẹ tà á lẹ́ẹ̀kan.

Kí wá ni èèyàn ń tà á sí? Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gan-an. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí wẹ́ kẹta ti tà tí wẹ́ kẹrin kò tíì tà, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò. Láti ìgbà náà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2023 tí wọ́n tú àṣẹ náà ká, ọwọ́ ẹnìkan sí ẹnìkejì ni wọ́n ti ń pààrọ̀ sí náírà. Ẹni tó sì sọ èrè ọdún 2021 di náírà, tó fi í sílẹ̀ ní báńkì, rí bí náírà ṣe ṣubú lẹ́yìn ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ tiwọn di USDT. Àwọn kan sì sọ tiwọn di UST, dọ́là orí ẹ̀rọ tó wà pẹ̀lú LUNA, tó wó pẹ̀lú rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Wọ́n ti tà ní iye tó dára, wọ́n sì tún pàdánù rẹ̀. Èrè tí a fi sílẹ̀ nínú ilé pàṣípààrọ̀ kò tíì jáde. Àwọn tí owó wọn wà ní FTX lè jẹ́rìí sí i.

Fún àwọn ènìyàn wa ní Ìlú Ọba, owó orí tún wà nínú ìdí tí àwọn kan fi ń tà wẹ́wẹ́. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ni ọdún owó orí níbẹ̀ ń parí, iye èrè kan sì wà tí ìjọba kì í fọwọ́ kàn lọ́dọọdún, èyí tó ti sọ̀ kalẹ̀ dé 3,000 pọ́n-ùn láti ọdún 2024. Ẹni tó bá ta apá kan kí ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin tó dé, tó ta ìyókù lẹ́yìn rẹ̀, lo àǹfààní ọdún méjì. Ẹni tó tà á lẹ́ẹ̀kan lo ẹyọ kan.

Ìgbà wo wá ni ìfojúsùn kan ṣoṣo dára? Nígbà tí owó náà bá ti ní iṣẹ́. Bí ohun tí o ń wá bá jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tàbí èyí tó kù lórí ilẹ̀ tí o rà, tí iye tó wà lójú ẹ̀rọ bá sì ti tó o, ta gbogbo rẹ̀. Kò sí èrè tó wà nínú kí ọmọ dúró sílé nítorí wẹ́ kẹrin. Ṣùgbọ́n bí owó náà kò bá ní iṣẹ́ tó ń dúró dè é, tó jẹ́ pé o kàn fẹ́ kó pọ̀ ni, èmi á ní kí o gé e sí mẹ́ta sí márùn-ún, kí ojú owó jáde nígbà tó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ó pẹ́ tán, kí wẹ́ ìkẹyìn sì ní ilẹ̀ tirẹ̀. Bí kírípítò kan bá ti di ìlọ́po méjì lọ́wọ́ rẹ báyìí, tí o kò sì tíì kọ iye kankan sílẹ̀, kọ ọ́ lálẹ́ òní, kí o sì fi àṣẹ títà àkọ́kọ́ sórí ọjà kí o tó sùn.